Kì í Ṣe Epo, Kì í Ṣe Omi

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe mẹkáníìkì. Ó ti gba fírídọ̀mù, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó ra ìwé àtúnṣe ọkọ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti tẹ ìwé náà, ó nípọn bíi Bíbélì, Òyìnbó ló sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Òun fúnra rẹ̀ lè rọra kà á, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè kà á. Yorùbá ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n sì lè kà. Ó ya fọ́tò orí mẹ́ta nínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí Wọ́sáàpù, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ di Yorùbá. Ti táímìn, ti jíà, àti ti bíréèkì. Àwọn mẹ́ta yẹn ló ń kó wa síyọnu jù."

Bàbá mi kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní 1971. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi tọ́ wa nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ ojú wọn kò gbé lẹ́tà wínníwínní mọ́. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyí: ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi á ka Òyìnbó rẹ̀ sókè nídìí tábìlì ilé ìdáná mi, bàbá mi á sọ ọ́ ní Yorùbá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la máa fi parí rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló gbà wá.

Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ bà mí ni orúkọ àwọn nǹkan inú ọkọ. Mo rò pé a máa jókòó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo orúkọ ló ti wà nílẹ̀ tipẹ́: plọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì, bíárìn, kálípà, kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ń tún ọkọ ṣe ní Ìbàdàn ti mọ̀ wọ́n kó tó mọ ìwé kà. Wọ́n ní, "Orúkọ kì í ṣe wàhálà. Ohun tí ọwọ́ máa ṣe ni wàhálà." Òótọ́ ni wọ́n sọ, àfi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí sí yín.

Orí táímìn la fi bẹ̀rẹ̀. Kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rí. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ yẹn, ọ̀pá méjì ló gbọ́dọ̀ jọ máa yí. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, òun ló ń gbé àwọn pístìn lọ sókè sódò. Kránkì ni wọ́n ń pè é. Èkejì wà lókè, òun ló ń ṣí àwọn fáàfù tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà kọjá, kámù nìyẹn. Bẹ́líìtì rọ́bà eléyín kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí kránkì bá yí po lẹ́ẹ̀mejì, kámù á yí po lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí wọ́n ń pè ní táímìn kò ju pé kí fáàfù ṣí lásìkò, kó sì ti kúrò lọ́nà kí pístìn tó gòkè dé. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, bí bẹ́líìtì bá já, tàbí tí wọ́n bá dè é sí ibi tí kò yẹ, pístìn á lọ gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, owó ńlá sì ti dé nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti de bẹ́líìtì tuntun, ìwé náà ní kí wọ́n fi ọwọ́ yí kránkì lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì tún wo àwọn àmì tó wà lára rẹ̀ àti lára kámù bóyá wọ́n ṣe déédéé. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Yí kránkì lẹ́ẹ̀mejì." Lójú tèmi, ó ti pé. Bàbá mi ní kò pé. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ tó bá ka èyí á ki sípánà bọ bóòtù, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á tún un ki bọ̀ ọ́, á fà á lẹ́ẹ̀kejì, á ní òun ti ṣe é. Ibi tí ààyè há sí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn fa sípánà lè má ju ìdá mẹ́rin àyípo kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tó fà á, ìdajì àyípo ni. "Yí" wa lè kéré, ó sì lè pọ̀. Kò sọ ibi téèyàn máa dúró sí.

A wá kọ ọ́ pé: "Yí kránkì po yíká gbáko, títí àmì ara rẹ̀ á fi padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tún yí i po bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i." Bàbá mi tún ní ká fi gbólóhùn kan kún un tí kò sí nínú ìwé Òyìnbó: "Lẹ́yìn àyípo kìíní, àmì kámù á wà ní òdìkejì. Má bẹ̀rù, má tú bẹ́líìtì. Ó di àyípo kejì kí gbogbo àmì tó pàdé." Ìdí rẹ̀ ni pé ìdajì ni kámù ń yí nígbà tí kránkì bá yí odindi. Ẹni tí kò mọ èyí, tó dúró lẹ́yìn àyípo kan, á rò pé òun ti ṣi bẹ́líìtì dè. Á tú ohun tó dára, á sì lọ dè é sí ibi tó burú. Bàbá mi ti rí i kí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọn ò sọ ẹni náà fún wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo fura pé àwọn fúnra wọn ni.

Ìwé náà tún ní kí wọ́n yí i sí apá ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí. Ọmọ mi wo ojú mi. Fóònù ló fi ń wo aago, aago yẹn kò sì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Ìbàdàn náà, fóònù ni tiwọn. Bàbá mi mú ìgò omi tó wà lórí tábìlì, wọ́n lọ́ ìdérí rẹ̀ pa. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀: dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́líìtì wà, kọjú sí i, kí o yí i bí ẹni tó ń lọ́ ìdérí ìgò pa. Tí o bá sì rí i pé nǹkan dá a dúró gbọn-in, má fi agbára fà á. Fáàfù lo gbá yẹn."

Orí kejì, ti jíà, ariwo ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ kò lè sọ̀rọ̀, ariwo ló ń ké, ìwé náà sì ń gbìyànjú láti fi Òyìnbó dárúkọ irú ariwo tó jẹ́. Ibí yìí ni mo ti rí i pé èdè wa ju ìwé náà lọ. Mo ka ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí igbe tín-ín-rín, bàbá mi pa ojú dé, wọ́n ní, "Wììì." Mo ka òmíràn, wọ́n ní, "Ìyẹn nípọn ju ìyẹn lọ. Hùùù." Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ mi ló sọ ọ́ kí wọ́n tó lanu: "Kẹ̀rẹ̀rẹ̀!" Ọmọ tó máa ń fi Òyìnbó dá mi lóhùn nínú ilé nìyẹn o. A kọ wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Mẹkáníìkì tó bá ka hùùù kò nílò àlàyé kankan mọ́.

Ohun tó kó wa síṣòro níbẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó máa ń sọ pé kílọ́ọ̀ṣì dì mọ́ ẹ́ńjìnnì, tàbí pé ó ti tú kúrò lára rẹ̀. Ọmọ mi kọ ọ́ pé, "nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá ti tú." Bàbá mi ní ẹni tó bá ka ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù á rò pé kílọ́ọ̀ṣì ti já ni, tàbí pé wọ́n ti tú u sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní ká gbàgbé ohun tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe, ká kọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, fi jíà sí fírì, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Tí o bá gbọ́ hùùù, tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Tí ariwo náà bá dákẹ́, bíárìn inú jíà ló ti jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà tí o tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ gan-an ni ariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì ni. Sọ jíà kalẹ̀, ṣùgbọ́n má tú inú rẹ̀."

Ìyàtọ̀ tó wà nínú gbólóhùn méjì ìkẹyìn yẹn lè jẹ́ ọjọ́ méjì iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì kò yí ọ̀pá inú jíà mọ́, ìdí nìyẹn tí ohun tó ń ké nínú jíà fi máa ń dákẹ́. Ti kẹ̀rẹ̀rẹ̀ náà ní ìdánwò tirẹ̀. Bí ó bá ń ké nígbà tí wọ́n bá ń ki jíà èyíkéyìí bọlé, tó fi dórí ti ẹ̀yìn, kílọ́ọ̀ṣì ni kò jáwọ́ tán. Bí ó bá jẹ́ jíà kan ṣoṣo ló ń ké, kí a sọ pé jíà kejì, àléébù náà wà nínú jíà yẹn gan-an: rìǹgì idẹ tó ń jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ti jẹ. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yìí lè tú odindi jíà nítorí kílọ́ọ̀ṣì tí kò ju kó tún un sún díẹ̀ lọ.

Bí a ṣe dé orí bíréèkì nìyẹn. Òun ló kúrú jù, a sì rò pé òun ló rọrùn jù. Inú àgolò kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni nǹkan tó ń ṣàn nínú bíréèkì máa ń wà. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ másítà, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tì í láti gba inú páìpù lọ síbi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ará Nàìjíríà ló mọ orúkọ rẹ̀: ọ́ìlì bíréèkì. Bàbá mi pè é bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ọmọ mi sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. "Tí iná bíréèkì bá tàn, tí páàdì kò sì tíì jẹ tán, bu ọ́ìlì kún un dé ibi àmì." A fi orí náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, a dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fóònù dún ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohùn ọmọ àbúrò bàbá mi kò balẹ̀. Oníbàárà kan gbé ọkọ wá ní àárọ̀, iná bíréèkì ń tàn. Òun kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ ra páàtì ní Gáté. Ọmọ iṣẹ́ kan mú ìwé wa, ó kà á, ó wo páàdì, ó rí i pé ó ṣì nípọn. Ó wá agolo ti bíréèkì, ó ti tán. Ọ́ìlì jíà ọlọ́tọmátíìkì wà nítòsí, ó pupa, ó mọ́, tuntun ni. Ìwé sì ní kó bu ọ́ìlì. Ó bù ú sí i dé ibi àmì, ó gba owó, ọkọ lọ sí Mọ́níyà.

Kó tó padà dé, táyà iwájú méjèèjì ti gbóná débi pé èèyàn kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ọkọ náà kò fẹ́ yí mọ́, àfi bí ẹni pé ẹnì kan tẹ bíréèkì tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò sí ẹni tó fara pa. Oníbàárà náà ti rí èéfín lápá táyà, ó sì rọra fà á padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá mi kò bínú. Wọ́n béèrè ohun méjì péré. Àkọ́kọ́: "Ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bù ú sí. Rọ́bà abẹ́ ìdérí yẹn, báwo ló ṣe rí?" Ó ní ó ti wú, ó ti rọ̀, kò ṣe é dé padà mọ́. Èkejì: "Bu omi sínú kọ́ọ̀pù tó ń tàn yọ. Kán èyí tó wà nínú bíréèkì yẹn sí i." Gbogbo wa dákẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Bàbá, ó léfòó." Bàbá mi ní, "Epo ni. Ti bíréèkì gidi á pò pọ̀ mọ́ omi, o ò ní rí i mọ́. Má jẹ́ kí ọkọ yẹn jáde níbẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n ṣe àwọn rọ́bà inú bíréèkì láti máa gbé pẹ̀lú nǹkan tiwọn nìkan. Tí epo inú ẹ́ńjìnnì tàbí ti jíà bá kàn wọ́n, wọ́n á mu ún, wọ́n á wú. Nínú másítà, ihò kékeré kan wà tí nǹkan náà ń gbà padà sínú àgolò nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀. Rọ́bà tó wú á dí ihò yẹn. Awakọ̀ ti gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n páàdì kò tú, ó ń ha mọ́ írin títí táyà fi gbóná. Bó bá pẹ́ sí i, rọ́bà á bàjẹ́ pátápátá, bíréèkì á sì lọ. Kéèyàn da epo náà nù nìkan kò tó. Gbogbo rọ́bà tó ti mu ún ló gbọ́dọ̀ jáde: ti másítà, ti kálípà, ti ẹ̀yìn, àti àwọn páìpù onírọ́bà. Páìpù onírin náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ọmọ àbúrò bàbá mi ló san gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi ló béèrè ọ̀rọ̀ tí èmi kò lè béèrè. Ó ní, "Bàbá Àgbà, tí kì í bá ṣe epo, kí ló dé tí a fi kọ epo?"

Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Àjàní, ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ bù ú. Agolo rẹ̀ wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Tó bá ní 'gbé ọ́ìlì bíréèkì wá', ojú rẹ̀ wà lára ohun tí o gbé. Ìwé kò lójú."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ ohun tí a ṣe gan-an. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kì í dá ṣiṣẹ́: ọ̀gá wà níbẹ̀, ọwọ́ ń tọ́ka, ojú ń wò. A mú ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀, a fi í sórí ìwé, a wá fẹ́ kó dá ru ẹrù tí ẹni mẹ́ta ń gbé tẹ́lẹ̀.

Mo ní ká pè é ní omi bíréèkì, nítorí ó ń ṣàn bí omi, a sì ti ń sọ omi bátìrì. Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. Wọ́n ní omi gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Nǹkan inú bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, kódà bí ọkọ bá wà lójú kan. Tuntun rẹ̀, tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára, kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 230 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àmọ́ bí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè hó ní 155. Tí awakọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, tó ń tẹ bíréèkì léraléra, ooru yẹn kò jìnnà. Tó bá hó, ó di ooru omi. Ooru omi ṣe é fún pọ̀, nǹkan tó ń ṣàn kò ṣe é fún pọ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ á lọ dé ilẹ̀, ọkọ kò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, bó ti wù kí ọkọ náà máà rìn tó. Wọ́n ní, "O wá fẹ́ kọ omi síbẹ̀? Ẹlòmíràn á lọ bù ú ní ẹ̀rọ."

A fi ọ̀sán yẹn jà. Níkẹyìn, ọmọ mi ní, "Kí la kọ sára agolo rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ ìyẹn." Ohun tí a ṣe nìyẹn. A pè é ní fúlúùdì bíréèkì, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò jọ nǹkan kan tí ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó gbé nǹkan mìíràn. A wá kọ èyí sókè orí náà, kó tó kan ohunkóhun mìíràn:

"Fúlúùdì bíréèkì kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe omi. Má bu ohunkóhun sí i àfi èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára, tí ìdérí rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Tí kò bá sí, má bu nǹkan kan. Dúró de ọ̀gá. Tó bá kán sára ọ̀dà ọkọ, fi omi ṣàn án kíá, torí ó ń bó ọ̀dà."

Ó ku bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ àti fúlúùdì àtijọ́ jáde. Òyìnbó fi ṣíṣe ẹ̀jẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ yìí, a sì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ẹ̀rín, ìbéèrè tún dé. Ìwé náà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́. Ọmọ mi ní, "Ó sún mọ́ kí ni?" Ó sún mọ́ etí títì ni. Ọwọ́ òsì nìyẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kó kọ "ọwọ́ òsì", ká sì kúrò níbẹ̀.

Bàbá mi ní rárá. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ làwọn ní Mushin ní oṣù Kẹrin 1972, nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà yẹn, apá òsì ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí, másítà bíréèkì sì wà níwájú awakọ̀. Ọkọ tí ìwé yìí ń sọ, apá ọ̀tún ni awakọ̀ wà. Táyà ẹ̀yìn apá òsì ló jìnnà jù sí másítà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, ti ọ̀tún ló jìnnà jù. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, a ti túmọ̀ rẹ̀ dáadáa fún ọkọ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. A kọ ọ́ pé: "Bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn tó jìnnà jù sí másítà." Ìyẹn bá ọkọ yìí mu ní ìlú méjèèjì.

Kí a tó fi ránṣẹ́, bàbá mi ní ká dán an wò lára ọkọ tèmi. Wọ́n jókòó sórí àga níwájú ilé, wọ́n fi ọwọ́ lé ẹnu, wọ́n ní àwọn kò ní sọ nǹkan kan. Ohun tí a kọ nìkan la gbọ́dọ̀ ṣe. Ọmọ mi wà nídìí bíréèkì, èmi sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú sípánà, páìpù rọ́bà kékeré àti ìgò. Mo ké pé, "Tẹ̀ ẹ́!" Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, fúlúùdì dúdú bíi tíì jáde pẹ̀lú hóró afẹ́fẹ́. Mo dì í padà, mo ní, "Gbé e!" Ìgbà yẹn ló tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kí n tó dì í, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, a ti ṣiṣẹ́ lásán. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ tónítóní, a sì ń wo àgolò iwájú kó má bàa gbẹ. Ní táyà kẹta, bàbá mi gbàgbé ìlérí wọn, wọ́n pariwo pé, "Àgolò! Ẹ wo àgolò!" Ọmọ mi ní, "Bàbá Àgbà, kò sí nínú ìwé pé kí ẹ pariwo." Òótọ́ ni. A padà wọlé, a kọ ọ́ sínú ìwé: "Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, wo àgolò, bu fúlúùdì tuntun kún un."

Oṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò bàbá mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bu epo sí bíréèkì ọjọ́sí ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára àpótí onígi kan tó ní kọ́kọ́rọ́. Kò kọ orúkọ nǹkan tó wà nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: KÌ Í ṢE EPO, KÌ Í ṢE OMI.